Báàgì kánfáàsì àbí ti náílọ̀n, lítà 40 ni méjèèjì o

Wọ́n kọ lítà 40 sára méjèèjì, àmọ́ ohun tó ń wọnú wọn ò dọ́gba rárá. Ti kánfáàsì yẹn, síìpù ẹ̀ wà lókè nìkan, ẹnu ẹ̀ wá há, aṣọ ọjọ́ 4 àti bàtà kan ni mo kó sí i tó fi kún, okùn ẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gé mi léjìká. Ti náílọ̀n ní tiẹ̀, ó fúyẹ́, okùn méjì tó ní fóòmù, síìpù ẹ̀ sì ṣí yíká bí àpótí, aṣọ ọjọ́ 5, bàtà 2 àti láptọ́ọ̀pù wọ̀ ọ́ dáadáa. Òun ni màá mú, àmọ́ kó o tó rà á, fa síìpù ẹ̀ dé kọ̀rọ̀ tó ti tẹ̀, tó bá ń há níbẹ̀ nígbà tó ṣófo, ibẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ já tó bá kún.