Adébọ́lá kan ṣoṣo, ìwé ìṣirò ní méjì ni

Ìbínú ló jẹ́ kí n kọ èyí nípa áàpù ìwé ìṣirò tí mo fi ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ wa. Mo fi lẹ́tà gbèsè ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ti san owó ọdún rẹ̀ pé. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí owó mi ni?" Mo rí i. Adébọ́lá wà nínú òpó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó wà nínú òpó àwọn tó sanwó, ojú ò sì rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. VLOOKUP tó ń wá orúkọ láti òpó kan sínú èkejì ní òun ò rí i, fọ́múlà mi bá kọ "gbèsè" síwájú orúkọ rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú oníbàárà áàpù náà. Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò lórí orúkọ. Mo bi í pé, "Ṣé kí n ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ torí fọ́múlà?" Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún fi ránṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, arábìnrin kan gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n fi LEN ka orúkọ náà: 8 níhìn-ín, 8 lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ má tíì fi ìyẹn gbà. Ẹ wo lẹ́tà karùn-ún."

```
=UNICODE(MID(A2,5,1))
```

Àpótí kan gbé 7885 jáde, èkejì gbé 243. 7885 ni ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, tí àmì ohùn wá tẹ̀ lé. 243 ni ó tó ti ní àmì ohùn, tí àmì ìsàlẹ̀ wá tẹ̀ lé. Yúníkóòdù, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́, nítorí náà kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n tò. Arábìnrin náà kọ èyí fún mi, kí gbogbo rẹ̀ lè tò bákan náà:

```
function TUNSE(x) {
  return x.replace(/\u0329/g, "\u0323")
          .normalize("NFC");
}
```

Ìlà kejì wà nítorí àwọn kíbọ́ọ̀dù tó ń fi igi kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Normalize nìkan kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Mo lò ó fún òpó méjèèjì, Adébọ́lá yọjú, àwọn mọ́kànlá mìíràn tí mo ti ń pè ní ajigbèsè náà yọjú. Inú mi dùn gidigidi. Ẹni tó bá kọ Adebola láìfi àmì sí i rárá ṣì wà níta. Ọwọ́ ni mo fi tún ti wọn ṣe.

Títo orúkọ bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe lọ ló tún dá mi padà síbi ìbínú. Ṣ àti S dà pọ̀, Gbénga sì jókòó sáàárín Gàníyù àti orúkọ tó fi Ge bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin yẹn sọ òótọ́ fún mi pé kò sí ètò fún un. Mo ṣe òpó ìkọ̀kọ̀ kan, mo yọ àmì ohùn níbẹ̀, mo sọ gb di gz, ẹ di ez, ọ di oz, ṣ di sz. Z kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, nítorí náà kò lè pàdé lẹ́tà mìíràn. Òpó yẹn ni mo fi ń to gbogbo rẹ̀, ó sì ń tò dáadáa.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó báyìí. Máàkì: 2 nínú 5.