Inṣọ́ránsì ọkọ̀ oní-₦15,000: mo ka ìwé rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀

Ohun tí a fi ń dá ọlọ́pàá lóhùn lójú ọ̀nà ni mo ka inṣọ́ránsì ẹnìkẹta sí. Mo ti ń rà á láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ₦5,000, kó tó di ₦15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àfìgbà tí mo fi Kòrólà mi gbá ìdí Kámírì kan ní Ojota ni mo tó jókòó ti ìwé àdéhùn rẹ̀, tí mo sì kó gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo.

Ohun tó ń san kò gùn. Bí mo bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, wọ́n á san án, kò ṣáà ní kọjá ₦3,000,000. Bí ẹlòmíràn bá fara pa tàbí tó kú, ó wà níbẹ̀. Iná iwájú tèmi tó fọ́ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ká kò sí níbẹ̀ rárá. Bí olè gbé ọkọ̀ náà tàbí ó jóná, èmi ni mo ni àdánù rẹ̀.

Ibi tí wọn kì í ti í san ló là mí lójú. Wọn ò fẹ́ awakọ̀ tó ti mutí tàbí tí láísẹ́ńsì rẹ̀ ti kú. Ìlò ara ẹni ni wọ́n kọ sórí ìwé tèmi, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi máa ń fi ọkọ̀ yìí kérò lópin ọ̀sẹ̀! Ká ní òun ló wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Gbólóhùn kan tún wà tó fẹ́ gbé mi ṣubú: n kò gbọdọ̀ gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi, n kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, àyàfi bí iléeṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Ohun tí mo sì sọ fún oní-Kámírì ni pé, “Ẹ má bínú bàbá, màá tún un ṣe.” Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí obìnrin tó gbé fóònù ní iléeṣẹ́ bi mí ni, “Ṣé ẹ ò tíì fọwọ́ síwèé kankan fún wọn?” N kò tíì fọwọ́ sí i. Orí ló yọ mí.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù tí mo kọ, ìwé ọlọ́pàá, láísẹ́ńsì, fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì àti iye tí panẹbítà bàbá náà kọ, ₦210,000. Wọ́n rán ẹni tó wá yẹ ọkọ̀ wò, ó gé e sí ₦175,000. Bàbá náà kọ́kọ́ fajú ro, ó padà fọwọ́ síwèé pé òun gbà á tán, owó sì bọ́ sí àpò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ó pẹ́ jù lójú tèmi, torí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni fáìlì wa fi wà lórí tábìlì ẹnì kan. Ṣùgbọ́n n kò fi kọ́bọ̀ kún un fún Kámírì náà.

Bí ẹ bá ti ra tiyín, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí askniid.org kí ẹ lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Tèmi jáde. Ti aládùúgbò mi, tó rà á ní ₦6,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ibi tí wọ́n ti ń ṣe pátíkúlà, kò jáde.