Ọ́fíìsì àti Sáìtì: Ta Ló Yẹ Kó Ra Purotéènì Púpọ̀, Kí Ló sì Yẹ Kó Rà?

Ilé kan náà ni èmi àti àbúrò mi ń gbé ní Ìbàdàn. Èmi ń ṣírò owó ní ọ́fíìsì, orí àga ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òun ń ṣe lébìrà fún àwọn bíríkìlà: àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò ló ń rù gun àtẹ̀gùn, òun náà ló ń po kankéré. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, 70 kílò ni àwa méjèèjì lórí ìwọ̀n. Síbẹ̀, èmi tí mo ń jókòó ni mo ra ike ńlá páúdà purotéènì wálé, òun tó ń ru sìmẹ́ǹtì sì ń fi gààrí pa ebi. Kò pé oṣù méjì tí tirẹ̀ fi wálẹ̀ sí 67, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ti wọ ihò méjì sí i. Ìgbà yẹn ni mo mú bírò, mo sì ṣírò ohun tí oníkálukú wa nílò.

Iye tí ara ń bèèrè

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, nílò nǹkan bíi 0.8 gíráàmù purotéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Fún èmi tí mo wọ̀n 70 kílò, ó jẹ́ 56 gíráàmù. Ẹni tó ń fi iṣan ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lè fojú sí 1.2 sí 1.5 gíráàmù, nítorí iṣan tó bá ṣiṣẹ́ gbọdọ̀ tún ara rẹ̀ ṣe ní òru. Ti àbúrò mi wá di 84 sí 105 gíráàmù.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sáré lọ ra páúdà fún lébìrà. Àmọ́ purotéènì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ agbára ń jẹ. Bí nǹkan bíi 2,300 kálórì bá tó mi lójúmọ́, àbúrò mi lè nílò 3,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oúnjẹ tó ń jẹ kò bá tó o, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fi purotéènì ṣe agbára, bí ìgbà tí ẹni tí kò ní igi ìdáná bá ń yọ pákó òrùlé rẹ̀ dáná. Ohun tó ṣe é gan-an nìyẹn. Bí a bá ń bu páúdà fún un lórí ikùn tí kò kún, iná ni à bá máa fi dá. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí lébìrà gbọdọ̀ rà ni oúnjẹ tó tó.

Irú oúnjẹ tó fi dí àlàfo yẹn ló wá ṣe pàtàkì. Àlàfo àárín èmi àti òun jẹ́ 1,200 kálórì. Bí ó bá fi gààrí nìkan dí i, á jẹ nǹkan bíi 330 gíráàmù gààrí gbígbẹ, purotéènì tó máa bá inú rẹ̀ jáde kò ju nǹkan bíi 4 gíráàmù lọ. Bí ó bá jẹ́ 200 gíráàmù ìrẹsì àti 150 gíráàmù ẹ̀wà, tí a wọ̀n kí a tó sè é, kálórì náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n purotéènì á di nǹkan bíi 48. Ẹ fi 48 yẹn kún 56 tí èmi náà ń jẹ, ó di 104. Lébìrà ti rí tirẹ̀ gbà, láìsí páúdà kankan. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tún ń ran ara wọn lọ́wọ́, nítorí èyí tó dín nínú ọ̀kan pọ̀ nínú èkejì.

Ọjọ́ kan lẹ́nu wa

Ní àárọ̀, mo máa ń jẹ ẹyin méjì (gíráàmù 12) pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀ (8). Ní ọ̀sán, ìrẹsì díẹ̀ àti ègé ẹja kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ (bíi 25 lápapọ̀). Ní alẹ́, mọ́ínmọ́ín kan (bíi 13). Ó ti di 58, mo sì ti kọjá 56 láì ṣí ike páúdà. Purotéènì tí mo ń bu lé e lórí kò sọ ara mi di ti elére ìdárayá, nítorí n kò fi iṣan ṣe ohun tó máa fi kọ́ ọ. Ara á kàn fi ṣe agbára, tí agbára náà bá sì pọ̀ jù, á di ọ̀rá. Ìṣòro ẹni tó ń jókòó ni pé kálórì rẹ̀ kéré, kò gbọdọ̀ jẹ púpọ̀ kó tó rí purotéènì. Ìdí nìyí tí ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà fi yẹ ẹ́ ju òkè ìrẹsì lọ. Bàbá tàbí ìyá wa tó ti ju ọmọ ọdún 65 lọ, tó ń jókòó bíi tèmi, nílò díẹ̀ sí i, bíi 1.0 sí 1.2 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n.

Ti àbúrò mi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá elẹ́wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáìtì: ẹ̀wà àti búrẹ́dì kó tó gbé àpò àkọ́kọ́. Ní ọ̀sán, bó bá tiẹ̀ jẹ́ gààrí, ó ti ń fi ẹ̀pà tó kún ọwọ́ kan sí i. Ní alẹ́, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹja Títù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi pọ̀nmọ́, nítorí ó dùn mí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń náwó lé e lórí tí wọ́n ń pè é ní ẹran. Purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ awọ ni. Ó ṣaláìní tiriputofáànì, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà purotéènì tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ fún adùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ẹja.

Bí ẹ bá fẹ́ rajà

Ẹ pín iye owó ọjà sí iye gíráàmù purotéènì tó wà nínú rẹ̀. Kéréètì ẹyin kan, tó jẹ́ 30, ní nǹkan bíi 180. Kílò ẹ̀wà gbígbẹ kan ní nǹkan bíi 230. Ní ọjà tí mo ń ná, ẹ̀wà ló ń dínwó jù, ẹyin tẹ̀ lé e, páúdà sì jìnnà sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ páúdà síbẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ike: síbí 30 gíráàmù tó ní 24 gíráàmù purotéènì dára, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní amúnisanra lè ní 15 péré nínú 100, ṣúgà àti sítáàṣì ni ìyókù. Mo ti ra irú rẹ̀ rí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ní àìsàn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi kún purotéènì tó ń jẹ.

Láràárọ̀ Sátidé, kí a tó jẹun, a máa ń gun ìwọ̀n kan náà. Bí ti àbúrò mi bá dín fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, oúnjẹ la kọ́kọ́ ń fi kún, kí a tó wo ẹja. Lọ́sẹ̀ yìí, ó wà ní 69, ó sì ti tú bẹ́líìtì rẹ̀ padà sí ihò kan.