Níbo ni kí ẹbí aláìsàn wọ̀ sí nítòsí UCH Ìbàdàn? Ìfiwéra fún àwọn tó ń gba ìtànṣán

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ìyá kan láti Ṣakí pé UCH ní Ìbàdàn ni wọn yóò ti gba ìtànṣán sí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, iye owó ìtọ́jú ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ibi tí wọn yóò máa sùn kì í sábà di ọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ibẹ̀ sì ni owó máa ń gbà jò, ibẹ̀ náà ni aláìsàn ti lè pàdánù ọjọ́ ìtọ́jú tí kò yẹ kó pàdánù. Ìyá kan àti ọmọ kan ṣoṣo tó ń tọ́jú wọn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìfiwéra yìí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe pẹ̀lú ìyá mi, mo sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Kí ẹ tó fi ibùgbé kan wé òmíràn, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìtọ́jú náà ṣe ń lọ. Fún irú àìsàn yìí, ìgbà 25 ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn ní ìtànṣán láti ìta ara, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń fi sí inú ara yóò tẹ̀ lé e ní ìgbà mélòó kan. Àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ 8, nítorí pé bí ó bá ń fà gùn, agbára ìtọ́jú náà lórí jẹjẹrẹ ń dín kù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni aláìsàn ń lò lábẹ́ ẹ̀rọ. Àlọ àti àbọ̀ ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ńlá, òun sì ni ibùgbé tí ẹ bá yàn yóò dín kù tàbí sọ di ìlọ́po méjì.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ara aláìsàn kò ní wà bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ṣì lè wọ mọ́tò èrò bí gbogbo ayé. Nígbà tó bá ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtànṣán ń kan ìfun tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ń tọ́jú. Àárẹ̀ tí oorun kò lè lé lọ náà á dé. Gbogbo èyí lè máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti parí. Nítorí náà, ilé tó dára ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè di ìnira ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ilé náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ilé ẹbí. Ká ní àbúrò bàbá yín kan ń gbé ní Òjòó, tí wọ́n sì gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ kò ní san owó ilé, ẹ ó rí oúnjẹ gbígbóná jẹ, bí ibà bá sì gbé aláìsàn lóru, ẹnìkan wà nílé tó mọ ìlú, bóyá tó tún ní mọ́tò. Mi ò fojú kéré èyí rárá. Ẹni tí wọ́n ń fún ní kimo, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, mọ́ ìtànṣán, tí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38, kò gbọ́dọ̀ dúró di òwúrọ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n láti Òjòó, Máíkírà yóò gba iwájú Yunifásítì Ìbàdàn kọjá sí Sángo, kí ó tó já sí Mọ́kọ́lá, níbi tí ẹ ó ti wá òmíràn wọ̀. Ìyá mi jókòó sí àárín èrò mẹ́rin lẹ́yìn Máíkírà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní Sángo, níbi tí mọ́tò ti dúró gbagidi, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, sọ fún awakọ̀ kó jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.” Ilé epo kan la sáré wọ̀. Láti ọjọ́ náà ni dúrọ́ọ̀pù ti di dandan fún wa, bí a ṣe ṣírò owó mọ́tò tẹ́lẹ̀ sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí kò bá ṣe é rí kò lè mọ̀: wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn mu omi kí ìtọ̀ lè kún inú rẹ̀ kó tó wọlé sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n mu omi náà nílé bí ọ̀nà bá jìn. Ìgbà tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ ti mọ ìgbà tí yóò kàn yín, ni kí wọ́n mu ún.

Òtẹ́ẹ̀lì tó wà lágbègbè Mọ́kọ́lá tàbí Bódìjà ni ọ̀nà kejì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú yàrá, jẹnẹrétọ̀ wà, ẹ kò sì ní bá ẹnikẹ́ni du omi. Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ, àmọ́ méjèèjì wúwo: alaalẹ́ ni wọ́n ń gba owó, títí kan òpin ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gbà kí àlejò dáná. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe nílò oúnjẹ rírọ̀ tí a fọwọ́ ara wa sè, tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè máa rà lójú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ 5.

Ọ̀nà kẹta ni yàrá kan ní ilé àwọn ayálégbé ní Yemẹtu tàbí Òkè Àrẹ̀mọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kángun sí ilé ìwòsàn náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó ọdún kan gbáko ni ọ̀pọ̀ onílé ń béèrè, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọ̀míṣàn. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ níwájú ilé ìwòsàn àti àwọn ẹbí aláìsàn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín sábà máa ń mọ ilé tí wọ́n ti ń gba owó oṣù. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn sóṣà wẹ́fíà inú ilé ìwòsàn, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti ran aláìsàn tó ti ọ̀nà jíjìn wá lọ́wọ́. Bí ayálégbé kan bá fẹ́ fi yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ rí onílé fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba ìwé owó tó ní ọjọ́ àti iye nínú.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tí mo fi ń ṣe ìṣirò nìkan. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní mọ́tò èrò láti Òjòó fún ènìyàn méjì jẹ́ ₦4,000 lóòjọ́ ní àlọ àti àbọ̀, dúrọ́ọ̀pù sì jẹ́ ₦8,000. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ₦12,000 lálẹ́ kan, yàrá ní Yemẹtu ₦50,000 lóṣù. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀n ẹ̀fọn yóò gba ₦40,000, dúrọ́ọ̀pù kúkúrú láti Yemẹtu sì jẹ́ ₦2,000 lóòjọ́.

Ẹni tó bá wà ní Òjòó yóò ná ₦40,000 fún ọjọ́ 10 àkọ́kọ́ nínú mọ́tò èrò, yóò sì ná ₦120,000 fún ọjọ́ 15 tó kù nínú dúrọ́ọ̀pù, èyí tó jẹ́ ₦160,000 lápapọ̀. Ilé ọ̀fẹ́ tí a sọ yẹn nìyẹn o. Òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ 35 jẹ́ ₦420,000, láìka oúnjẹ. Yàrá Yemẹtu fún oṣù méjì, pẹ̀lú ẹrù àti mọ́tò, jẹ́ ₦190,000.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹrin wà, òun ni mo sì fara mọ́ jù lọ. Kí aláìsàn gbé ní Òjòó fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí ara ṣì le, kí ọmọ lo àsìkò náà láti fi wá yàrá, kí wọ́n sì kó lọ sí Yemẹtu fún oṣù kan péré bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá ti ń bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ₦40,000, yàrá ₦50,000, ẹrù ₦40,000, dúrọ́ọ̀pù kúkúrú fún ọjọ́ 15 sì jẹ́ ₦30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦160,000, tí kò fi kọ́bọ̀ kan ju ti ẹni tó ń ti Òjòó wá látìbẹ̀rẹ̀ dópin lọ. Bí àbúrò bàbá bá yá yín ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù, ó ti dín sí i nìyẹn.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn gedegbe ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró, nítorí pé kò sí ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè yọnu. Ká ní ó dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 5, tí ẹ sì lọ lẹ́ẹ̀mejì láìrí ìtọ́jú gbà. Òjòó yóò di ₦176,000. Òtẹ́ẹ̀lì yóò fi alẹ́ 7 kún un, yóò di ₦504,000. Ọ̀nà kẹrin yóò di ₦164,000 péré, nítorí pé ọ̀sẹ̀ 3 ni ẹ nílò nínú oṣù kan tí ẹ ti sanwó rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló sì gba ìdádúró náà. Nítorí èyí, ẹ má ṣe sanwó ibùgbé kankan kí wọ́n tó fún yín ní ọjọ́ tí ìtànṣán àkọ́kọ́ yóò wáyé gan-an. Àyẹ̀wò àti ètò tó ń ṣáájú rẹ̀ lè gba ọjọ́ púpọ̀, tí ẹ ó kàn máa sanwó yàrá lásán.

Bí ẹ bá lọ wo yàrá, ẹ má ṣe wo ọ̀dà ògiri. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ ka ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá débẹ̀, ẹ wò ó bóyá òkúta tàbí àtẹ̀gùn wà lójú ọ̀nà, kí ẹ sì ro bí yóò ti rí lóru tí kò sí iná. Ẹ béèrè iye ìdílé tó ń lò ó. Ní ilé kan tí mo wò, ìdílé mẹ́fà ló ń lo ẹyọ kan, ìlà sì ti tò níwájú rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo yí padà láìtíì wo inú yàrá. Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè ibi tí omi ti ń wá bí kànga bá gbẹ. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé náà dé ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fúnni ní ìtànṣán, kì í ṣe dé ẹnu géètì nìkan, nítorí pé ọgbà UCH tóbi. Ẹ wo aago bí ẹ ti ń rìn, kí ẹ sì gbà pé ìlọ́po méjì àsìkò yẹn ni aláìsàn yóò lò. Òkè Àrẹ̀mọ, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀, orí òkè ni. Ilé tó wà nítòsí lójú lè jìnnà sí orúnkún ìyá ẹni 60 ọdún.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba yàrá. Bí aláìsàn bá ń gba kimo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú, ilé ẹbí ló sàn, kódà bí ó bá jìn, bí mọ́tò bá wà nínú ọgbà ilé náà tí awakọ̀ sì ń sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá sì gba yàrá, ẹ wá onímáíkírà kan ní àdúgbò tó gbà láti dáhùn ìpè lóru, kí ẹ sì ti dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá kó wọlé. Ní ti àwọn tó ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, olùtọ́jú tí ara rẹ̀ le lè fara da ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ìtànṣán kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀. Ẹ má sì kó ẹrù kúrò ní yàrá ní ọjọ́ tí ìtànṣán ìta ara bá parí: ọ̀nà Ṣakí jìn, ìgbẹ́ gbuuru kò tíì dá, ìtànṣán inú ara sì lè ṣì kù.