Ṣíṣẹ́ ṣokoléètì: ká dán an wò, àbí ká ka ègé?
Ṣokoléètì kan ní ìlà 4, ojú 6 sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀melòó la máa ṣẹ́ ẹ kí ojú 24 tó dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó bá jẹ́ ègé kan ṣoṣo là ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan?

Ẹni tó ń dán an wò lè kọ́kọ́ ya ìlà sọ́tọ̀, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìlà kọ̀ọ̀kan á wá gba ẹ̀ẹ̀marùn-ún, 20 nìyẹn, àpapọ̀ 23. Tó bá ti òòró bẹ̀rẹ̀, 5 àti 18, 23 náà ni. Èyí dára fún ọmọdé tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, àmọ́ ọ̀nà méjì péré la ṣì yẹ̀ wò.

Ẹni tó ń ka ègé kò ní í yàwòrán rárá. Ègé 1 la fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tá a bá ṣẹ́, ègé kan di méjì, iye wọn fi 1 lé sí i. 24 la fẹ́, torí náà 23 ni, ọ̀nà yòówù ká gbà. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, torí kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbà ká to ègé léra ká ṣẹ́ wọn pọ̀, fífi 1 lé kò ṣiṣẹ́ mọ́: 4 lè di 8 lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀, àfi ká dán an wò: ẹ̀ẹ̀mejì fún ìlà, ẹ̀ẹ̀mẹta fún òòró, 5 ti tó.