Àgbéyẹ̀wò gáàùn ìyá ọlọ́mọ tó ní síìpù méjì láyà

Ìbínú ló gbé mi dé ìdí àgbéyẹ̀wò yìí. A wà níbi tí èrò ti tò, ọmọ ń ké, ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e, mo wá ń fi ọ̀tún fa síìpù gáàùn tuntun náà. Ó ṣí dé ààbọ̀, ló bá há. Kò lọ, kò bọ̀. Bí omi ọmú bá sì ti sọ̀, ọmú méjèèjì ló máa ń sun ún. Aṣọ aláwọ̀ eérú tí kò ní bátánì kankan rèé. Kí n tó rí igun kan dúró sí, gbogbo àyà mi ti tutù, ojú gbogbo ènìyàn sì tó o.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á. Ọmọbìnrin tó ń dá oníbàárà lóhùn ní, "Ẹ máa fà á jẹ́jẹ́, mà." Mo ní jẹ́jẹ́ náà ni mo fà á. Ó ní kí n fi àbẹ́là pa eyín síìpù náà. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, ó ní, "Ẹ ti wọ̀ ọ́, mà," ó sì dákẹ́. Inú bí mi gan-an.

Télọ̀ wọn fúnra rẹ̀ ló pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sódì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí." Láínìn tú kúrò létí síìpù, eyín síìpù sì ti gbé e mì. "Ẹ má bínú, àwa la ò rán an mọ́lẹ̀." Ó ní kí n wọn síìpù náà: ínǹṣì 6. Ó ní ó kúrú, pé etí rẹ̀ á máa tẹ ọmú nígbà tí ọmọ bá ń mu. Òótọ́ ni, abẹ́ ọmú mi ti ń le, ó ń dùn mí níbi tí aṣọ ń tẹ̀, torí omi ọmú kì í ṣàn dáadáa níbi tí nǹkan bá ti fún un.

Ó fi ínǹṣì 10 rọ́pò rẹ̀, ó rán láínìn jìnnà sí eyín, ó fi aṣọ pẹlẹbẹ bo ẹ̀yìn síìpù kó má baà ha ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé òkè la ń fà á sí báyìí láti ṣí i, nítorí náà òkè àyà wà ní bíbò. Níbi iṣẹ́, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, ife ẹ̀rọ tí mo fi ń fún omi ọmú sì wọlé láìbọ́ aṣọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, ẹ gbé nǹkan sápá kan, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì ṣí i. Bí kò bá ṣí láìwò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yan èyí tó ní bátánì, kó sì dúdú díẹ̀.

Òun ni mò ń wọ̀ jù lọ báyìí. Méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, torí ọmọbìnrin yẹn.