Omi iyọ̀ fún ọ̀fun tó ń dunni: ṣíbí mélòó, àbí kẹ́ ẹ kúkú lọ ra ti kẹ́mísì?

Okun o, gbogbo ilé. Ọyẹ́ ti dé, eruku ọ̀nà Kàbà kò jẹ́ kéèyàn mí dáadáa mọ́, ọ̀fun ń họ gbogbo wa, àwọn èèyàn sì ti ń bi mí pé kí ni káwọn rà ní kẹ́mísì. Kó tó di pé ẹ na owó yín, ẹ jẹ́ ká fi omi iyọ̀ tó wà ní kíṣìnì yín wé àwọn ìgò wọ̀nyẹn. Ká sì kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ wé omi iyọ̀ ná, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Èmi náà ṣì í rí o. Nígbà kan tí mo wá sílé láti Ìsánlú, bélúbèlú mi wú, mi ò lè gbé itọ́ mì. Àǹtí mi ní kí n má dààmú, wọ́n bu iyọ̀ ṣíbí ọbẹ̀ kan gbáko sínú kọ́ọ̀bù kékeré, wọ́n ní bó bá ṣe ń ta ni oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ta lóòótọ́! Mo fẹ́ẹ̀ bì, ó sì wá gbẹ lọ́fun mi débi pé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó dùn mí ju ti àárọ̀ lọ. Ìgbà tó yá ni mo jókòó ṣírò ohun tí wọ́n fún mi. Ṣíbí ọbẹ̀ kan tí ò ga lókè gba iyọ̀ bíi gíráàmù 18, kọ́ọ̀bù yẹn ò sì ju bíi mílílítà 200 lọ, ìyẹn túmọ̀ sí bíi gíráàmù 90 nínú lítà omi 1. Omi òkun fúnra rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 35 lọ. Okun lorúkọ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í ṣe òkun, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wa ò ní ju iyọ̀ bíi gíráàmù 9 nínú lítà kan.

Gíráàmù 9 yẹn ni ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Tí omi tẹ́ ẹ fi yọ ọ̀fun bá ní iyọ̀ díẹ̀ ju ti ara lọ, ó máa ń fa omi jáde díẹ̀díẹ̀ látinú ẹran tó wú, wíwú náà á wá rọlẹ̀ díẹ̀, ìrora á dín kù. Ó tún máa ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun, ó sì ń fọ ìdọ̀tí àti eruku kúrò. Tí iyọ̀ bá kéré jù, ẹ kàn ń fomi ṣan ẹnu ni, ó tuni lára ṣá, ṣùgbọ́n wíwú yẹn ò ní lọ síbì kankan. Tó bá sì pọ̀ jù bíi ti àǹtí mi, ẹran tó dáa pàápàá ló máa gbẹ.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é ní tèmi. Ẹ mú pọ́ọ̀wọ́tà kan, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ẹ dà á sínú ìkòkò tó mọ́, ẹ gbé e kaná títí tó fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín, tí kò bá jó yín níbẹ̀ kò ní jó yín lọ́fun. Ẹ wá bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan tẹ́ ẹ ti fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ dọ́gba sí i, ìyẹn bíi gíráàmù 6, ẹ rò ó títí tí ẹ ò fi rí hóró kankan nísàlẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, gíráàmù 12 ní lítà kan nìyẹn, díẹ̀ ló fi ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Ṣíbí tíì méjì nínú pọ́ọ̀wọ́tà kan ṣì ṣeé fara dà fẹ́ni tí ọ̀fun rẹ̀ wú gan-an, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti kọjá ibẹ̀. Iyọ̀ wẹ́wẹ́ ni mò ń sọ o, oníhóró ńlá kì í kún ṣíbí dáadáa, á kéré. Kánún kì í sì ṣe iyọ̀, ẹ má fi dípò.

Ẹ mu ẹnu kan, ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ ṣe gààrà-gààrà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ tu ú dànù, ẹ tún un ṣe títí tẹ́ ẹ fi lo bíi ìdajì pọ́ọ̀wọ́tà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ tó. Ìtura rẹ̀ kì í pẹ́, torí omi tó jáde yẹn á tún padà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹ má gbé e mì, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó ṣẹ́kù, ẹ bò ó, tó bá di ọjọ́ kejì ẹ dà á nù, iyọ̀ tó mọ níwọ̀n yìí ò lè pa kòkòrò inú omi. Tó bá jẹ́ omi kànga lẹ ní, ẹ sè é hó kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.

Ó wá kan ti kẹ́mísì. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní aódíìnì nínú yẹn ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àrùn gẹ̀gẹ̀ tàbí tó lóyún ò gbọ́dọ̀ dédé lò ó láìbi dókítà. Ní Jàpáánù, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2005, èèyàn 387 ló kópa, àwọn tó ń fi omi lásán yọ ọ̀fun lójoojúmọ́ ni òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ mú, àwọn tó lo aódíìnì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sáwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí tó ní kílọ́hẹ́síídìnì, tí wọ́n ń tà fún ìfọnu, èrìgì ló wà fún ju ọ̀fun lọ, tẹ́ ẹ bá sì ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ó lè kun eyín yín láwọ̀ ilẹ̀. Súwíìtì ọ̀fun ní tiẹ̀ máa ń mú kí ibi tó ń dunni rọlẹ̀ díẹ̀, ó dáa fẹ́ni tó wà nínú mọ́tò tí kò rí ibi tutọ́ sí, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀ ṣá. Fún ọ̀fun tó ń dunni nítorí òtútù tàbí eruku, èmi ò ní ra èyíkéyìí kí n tó lo omi iyọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí omi iyọ̀ ò lè ṣe wà o. Àbúrò mi tó jẹ́ tíṣà ní Ìyàrà, ohùn rẹ̀ há, ó ń ṣe gààrà-gààrà lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kò sí àyípadà. Ibi tí ohùn ti ń jáde wà nísàlẹ̀, omi tẹ́ ẹ gbé sọ́fun kì í débẹ̀, tó bá débẹ̀ ẹ máa ta sókè ni. Ìsinmi ohùn àti omi mímu ló padà ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí ò tíì mọ omi tu dáadáa, tí ò tíì tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ má fún un. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín, kó má fọ ẹnu rárá fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ má baà ṣí.

Tí ọmọ bá ní ibà, tí kò wúkọ́, tí kókó wú sí i lọ́rùn, tí nǹkan funfun sì wà lórí bélúbèlú rẹ̀, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ó lè gba oògùn apakòkòrò, torí irú kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó lè kó àrùn ọkàn bá ọmọ tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì, tí mímí sì ń ni lára, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ, kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.